Owó tí bọ́ọ́sà yọ nínú owó iṣẹ́ yín, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2026, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kan òrùlé wọ ọ́fíìsì mi ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó jókòó ló ti na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka owó yìí. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ." Álẹ́ẹ̀tì báǹkì ló wà níbẹ̀: ₦4,608,000. Ilé-ìwé aládàáni kan ló gbé iṣẹ́ fún un pé kó tú páànù àtijọ́ kúrò lórí kíláàsì mẹ́fà, kó fi igi àti páànù tuntun rọ́pò rẹ̀. ₦4,800,000 ni wọ́n jọ ṣàdéhùn rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ sí i, kò sì jò. ₦192,000 ni kò rí. Nígbà tó pe bọ́ọ́sà ilé-ìwé náà, gbólóhùn kan ló rí gbà: "Owó orí ni."

Mo fi ₦192,000 náà wé ₦4,800,000, mo rí i pé ìdá 4 nínú 100 ni. Mo bi í pé, "Àbúrò, ṣé o kọ NIN rẹ sórí ínfóísì tí o fún wọn?" Ó ní kí ni NIN fẹ́ wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ páànù.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé, ìjọ tàbí ọ́fíìsì ìjọba bá fẹ́ san owó fún agbaṣẹ́ṣe, òfin ní kí wọ́n yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àjọ owó orí lórúkọ agbaṣẹ́ṣe náà. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé lórí èyí jáde ní 2024, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, ọjà kíkó wá àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ìdá 2 nínú 100 ni. Fún àwa tí a ń gbani nímọ̀ràn, ìdá 5 ni. Àmọ́ bí agbaṣẹ́ṣe kò bá ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ. Ìdí nìyẹn tí 2 fi di 4 fún onípáànù wa, tí ₦96,000 fi di ₦192,000. Láti 2026, NIN ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ nọ́ńbà owó orí fún un, nítorí náà ọkùnrin yìí ní nọ́ńbà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń bínú. Kò kàn kọ ọ́ síbi tí bọ́ọ́sà máa ti rí i ni.

Ẹni tó ń kọ́ ilé ara rẹ̀ kò ní yọ irú owó yìí. Bí ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n bá pè ọ́ wá kan òrùlé, gbogbo owó rẹ ló máa kó fún ọ. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó pàdé ọ̀rọ̀ yìí, tó fi máa ń dà bí olè lójú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i.

Kì í ṣe owó orí mìíràn lọ́tọ̀. Owó orí tí ìwọ fúnra rẹ yóò san lórí èrè rẹ ní ìparí ọdún ni, tí wọ́n kàn tètè gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó fún ọ. Ìlànà náà tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á mọ́ iye owó iṣẹ́. Mo mọ àwọn agbaṣẹ́ṣe tó máa ń fi ìdá 2 lé owó tí wọ́n dá kí ó má bàa "dùn wọ́n." Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba owó orí rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ó tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìjọba.

Ohun tó máa ń fa ẹkún ni pé orí gbogbo owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe orí èrè. Nínú ₦4,800,000 yẹn, páànù, igi, ìṣó àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ ló kó apá tó pọ̀ jù lọ. Kí ó tó di 2025, ìdá 5 ni wọ́n máa ń yọ lórí ọ̀pọ̀ àdéhùn irú èyí, a sì rí àwọn tí owó náà tán èrè wọn lọ́wọ́. Ní tèmi, ìdá 2 yìí ṣeé fara dà, bí ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá rí i gbà padà nínú ìwé owó orí rẹ̀.

Àmọ́ kí ó tó rí i gbà padà, owó náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Láàárín ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ àti ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ àjọ owó orí, inú àkáǹtì ilé-ìwé ló wà. Bí agbaṣẹ́ṣe bá jẹ́ ènìyàn kan tàbí oníṣòwò tó kàn forúkọ òwò sílẹ̀, àjọ owó orí ìpínlẹ̀ ni wọ́n máa san án fún, ó pẹ́ jù, ọjọ́ 30 oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpáànì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, èyí tí a mọ̀ sí FIRS kó tó di NRS, ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni ìparí tirẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ni wọ́n sanwó fún onípáànù wa. Nígbà tó fi wá bá mi, owó náà ṣì wà lọ́dọ̀ ilé-ìwé, kò sì tíì pẹ́ rárá.

A jọ lọ bá bọ́ọ́sà náà. Ènìyàn jẹ́ẹ́ ni, ó fi ìwé hàn wá láì janpata. Lórí tábìlì rẹ̀ ni ṣẹ́dúùlù wà, ìyẹn àtòkọ àwọn tí wọ́n yọ owó lọ́wọ́ wọn ní oṣù náà, tó máa bá owó lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Ìlà keje ni tiwa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Òrùlé, kíláàsì 6 – 192,000." Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà. Onípáànù náà wò ó títí, ó ní, "Èmi ni òrùlé yẹn?"

Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń sọnù láìsí olè. Ká ní ṣẹ́dúùlù yẹn lọ bẹ́ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ á gba ₦192,000, bọ́ọ́sà á ní rìsíìtì lọ́wọ́ pé òun ti san án, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì owó orí tó máa lè sọ pé ti lágbájá ni. Ní ìparí ọdún, agbaṣẹ́ṣe á sọ pé wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ òun, wọ́n á tẹ NIN rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní àwọn kò rí nǹkan kan.

A béèrè bóyá ó lè dá ₦96,000 padà, kó fi í sí ìdá 2. Ó ní lọ́jọ́ tí òun sanwó, kò sí nọ́ńbà lórí ínfóísì, òun kò sì lè yí i padà. Mi ò bá a jiyàn. Ohun tó ká mi lára ju ìyẹn lọ ni ìlà keje. A kọ lẹ́tà kan, a fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí NIN, nọ́ńbà náà, orúkọ òwò rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, iye àdéhùn, iye tí wọ́n yọ àti oṣù tí wọ́n yọ ọ́. Bọ́ọ́sà fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún wa. Ó tún ìlà keje kọ lójú wa.

Àdírẹ́sì ilé yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Ìpínlẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ṣiṣẹ́. Onípáànù yìí ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà ti Ọ̀yọ́ ni. Ká ní Ìlọrin ló ń gbé, tó wá ṣiṣẹ́ tó sì padà sílé, ti Kwárà ni owó náà ì bá jẹ́. Àwọn bọ́ọ́sà tó ń san gbogbo rẹ̀ sí ojú kan pọ̀, pàápàá àwọn tó ń rò pé gbogbo owó àyọsílẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ṣìnà bẹ́ẹ̀ yóò rí rìsíìtì tó dára lójú, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tirẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n.

Nínú oṣù kẹrin, rìsíìtì dé. Mo ní kó má tíì fi pamọ́, kó kà á fún mi. A wo orúkọ, a fi NIN wé káàdì rẹ̀ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, a wo iye àdéhùn àti iye tí wọ́n yọ, a wo oṣù, a sì wo orúkọ àjọ tó gba owó. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ká ní rìsíìtì kò dé títí oṣù kẹrin fi parí ni, lẹ́tà kejì ni ì bá lọ sọ́dọ̀ ilé-ìwé, ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti ìwé àkáǹtì báǹkì tó fi hàn pé ₦4,608,000 ni wọ́n san.

Ó wá béèrè ohun tó kàn án gan-an: kí ni òun máa rí nínú rẹ̀? Mo ní ká fojú bù ú pé lẹ́yìn ọjà àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́, ohun tó kù fún un ní gbogbo 2026 tí owó orí máa bá jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà. Lábẹ́ òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Orí ₦1,200,000 tó kù, ìdá 15 nínú 100 ni, ìyẹn ₦180,000. Wọ́n ti yọ ₦192,000 lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Bí ó bá kó rìsíìtì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé owó orí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2027, kò ní san kọ́bọ̀ mọ́ lórí èrè yẹn, ₦12,000 á sì ṣẹ́ kù sí i lọ́rùn ìjọba, èyí tó lè béèrè pé kí wọ́n dá padà tàbí kí wọ́n kà mọ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá ní rìsíìtì, ₦180,000 ni yóò tún san, lórí ₦192,000 tó ti lọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní ọdún tó kọjá, ibi iṣẹ́ méjì ni wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ mi. Mi ò gba ìwé kankan." A ti kọ lẹ́tà sí ibi méjèèjì. Ọ̀kan ti fèsì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí láti ibi iṣẹ́ tuntun kan, iṣẹ́ ₦2,500,000, tó ti kọ NIN rẹ̀ gàdàgbà sókè ínfóísì. Kò tilẹ̀ kí mi. "₦2,450,000 ló wọlé," ló ní. "Ìdá méjì ni, àbí?"