Mágí Ló Ń Ṣáájú, Iyọ̀ Ló Ń Kẹ́yìn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà mi kì í jẹ́ kó sinmi: "Mọ́mì, mágí mélòó ni kí n fi sí ọbẹ̀?" Bí wọ́n bá ti bi mí báyìí, èmi náà á bi wọ́n padà pé mélòó ni wọ́n ti fi bọ ẹran. Ibẹ̀ ni fóònù á ti dákẹ́. Wọ́n ti fi mẹ́ta bọ ẹran, wọ́n ti bu iyọ̀ lé e, wọ́n sì ti da gbogbo omi ẹran náà sínú ata, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ọbẹ̀ ò tíì ní nǹkan kan nínú. Wọ́n á wá tún mágí kà láti oókan. Bí ọbẹ̀ ò bá wá ṣeé jẹ, wọ́n á ní mágí òde òní ti le jù. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ fún mi pé ayé ló bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ òun nígbà tí òun jáde lọ gba ìpè. Ayé wo? Omi ẹran ni!

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà tàbí bí wọ́n ṣe ń bọ ẹran. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó bi ìyá rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ni pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí. Ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, iyọ̀ ló sì máa ń wà níbẹ̀. Mágí kékeré tí gbogbo wa mọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4, tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, ó sì máa ń lé díẹ̀. Gíráàmù 2 nìyẹn ó kéré tán. Ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ tẹ́jú máa ń gba iyọ̀ bíi gíráàmù 5 sí 6. Ẹni tó bá ju mágí kékeré mẹ́ta sí ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bu ṣíbí tíì iyọ̀ kan síbẹ̀ láìfọwọ́ kan ike iyọ̀. Àwọn mágí ńlá náà wà tí ẹyọ kan tó kékeré méjì, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé "mágí mẹ́rin ni mo máa ń fi sí i" kò tíì sọ nǹkan kan títí yóò fi sọ irú èyí tó ń lò.

Ohun tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ jù, tí mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi létí títí á fi sú wọn, ni pé omi ń bá oru lọ, iyọ̀ kì í lọ. Bí ẹ bá bọ ẹran pẹ̀lú ife omi mẹ́rin, tí ẹ tọ́ ọ wò tó dùn gan-an, tí ẹ wá fi í sórí iná títí ó fi ku ife méjì, gbogbo iyọ̀ tó wà nínú ife mẹ́rin náà ló ti há sínú méjì. Ìlọ́po méjì ni ẹnu yóò gbà. Ẹ ò fi kún un o, ẹ kàn fi í sílẹ̀ lórí iná ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbá àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ bí mo bá rí wọn tí wọ́n ń wá adùn àṣeparí lára ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Ọbẹ̀ tó ṣì lómi gbọ́dọ̀ tẹ́ díẹ̀ lẹ́nu. Bí kò bá tẹ́ nígbà yẹn, yóò níyọ̀ jù nígbà tó bá ki.

Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ ata ilé ṣe é, ti ẹran màlúù kílò kan, tí yóò tó bí ènìyàn mẹ́jọ jẹ. Nígbà tí mo bá fẹ́ bọ ẹran, mo máa ń fi àlùbọ́sà, táìmù, mágí kékeré méjì àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, màá dé e, màá jẹ́ kó kọ́kọ́ fi omi ara rẹ̀ se kí n tó bu omi lé e. Ibí yìí ni iyọ̀ díẹ̀ ti wúlò kó tó di ìparí, torí ẹran tí kò rí iyọ̀ kankan nígbà tó ń rọ̀ yóò tẹ́ nínú bí ọbẹ̀ tilẹ̀ dùn lára rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, méjì ti wọlé. Ẹ fi í sọ́kàn, tàbí kí ẹ to ọ̀rá tí ẹ tú lára mágí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, bí mo ṣe ń ní kí àwọn ọmọ ìdáná mi ṣe. Bí ìyàn bá ti dé lórí iye mágí tó ti wọ ìkòkò, ọ̀rá la máa ń kà.

Ata tí a ti lọ̀ la máa gbé kaná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, lẹ́yìn náà la ó dín in nínú òróró. Ẹ má ṣe fi mágí sí i níbẹ̀, ẹ má sì fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kì í yòrò nínú òróró, ìyẹ̀fun mágí á kàn lọ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á jóná, á sì mú kí ọbẹ̀ korò. Àwọn kan á tún rò pé kò níyọ̀ tó ni, wọ́n á bu sí i. Ìgbà tí ata bá ti dín dáadáa ni omi ẹran ń wọlé. Nígbà tó bá ti hó, mo máa ń fi ẹ̀yìn ṣíbí run mágí kékeré kan sínú omi ẹran díẹ̀ nínú abọ́ kí n tó dà á sí i, torí mágí tí a jù sínú ọbẹ̀ tó ki lódindi lè fara pamọ́ síbì kan, kí ẹni tó tọ́ ọ wò lápá òsì ní kò níyọ̀, kí tọ̀tún sì máa pariwo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín iná kù, kí ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 10, títí òróró á fi là sókè. Ẹ bu díẹ̀ sórí ṣíbí, ẹ fẹ́ ẹ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó tọ́ ọ wò, torí ahọ́n tó jóná kì í mọ adùn. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ fi ìka méjì mú iyọ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Iyọ̀ lásán ló tọ́ kó parí rẹ̀, kì í ṣe mágí. Mágí tí ẹ bá jù sí i nígbà náà yóò kó iyọ̀ àti adùn mìíràn wọlé pa pọ̀, ẹ ò sì ní lè dín ọ̀kan kù kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọbẹ̀ yìí kì í tilẹ̀ béèrè iyọ̀ kankan mọ́.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yàtọ̀ sí èyí. Ìrẹsì ni yóò fa gbogbo omi náà mu, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní iyọ̀ kankan, nítorí náà omi ata tí a fẹ́ da ìrẹsì sí gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ lẹ́nu ju bí ẹ ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Bí ìrẹsì bá jinná tán tó tẹ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ wọ́n iyọ̀ lé e tí yóò kárí. Ẹ̀fọ́ rírò ní tirẹ̀ máa ń tu omi jáde lẹ́yìn tó bá wọ ìkòkò, ẹ jẹ́ kó tu omi rẹ̀ tán ná.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń gbé iyọ̀ wọlé láìsọ fúnni. Àwọn tó ń ta irú máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́, edé gbígbẹ náà ní tirẹ̀ lára, kárí míì náà sì ní in. Bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n máa wọ ìkòkò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé kí iyọ̀ tó wọlé.

Bí ó bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Orí ìbéèrè yìí ni ara mi kì í ti gbà á mọ́. Ẹni kan á ní kí ẹ ju ọ̀dùnkún sí i, kó fa iyọ̀ jáde. Ẹlòmíràn á ní èédú ni. Ọ̀dùnkún ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí omi. Bí aṣọ tí a rì bọ omi òkun ló ṣe máa fa omi oníyọ̀ mu, èyí tó kù nínú ìkòkò á sì níyọ̀ bákan náà. Èédú ní tirẹ̀, ó ń sọ ọbẹ̀ di dúdú ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ohun tí kò níyọ̀ kún un: ẹ lọ ata mìíràn, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in láìfi nǹkan kan sí i, kí ẹ dà á mọ́ ọn. Ọbẹ̀ á pọ̀, ẹ kó ìyókù sínú firísà. Fún ìrẹsì, ẹ se funfun tí kò níyọ̀, kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Ṣúgà àti ọsàn wẹ́wẹ́ kàn ń tan ahọ́n ni, iyọ̀ yẹn ṣì ń lọ sínú ara.

Ara náà ló mú mi rántí oníbàárà mi kan, tó ń se oúnjẹ fún bàbá rẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ti ní kí bàbá dín iyọ̀ kù, ó sì fi ìyangàn sọ fún mi pé, "Mọ́mì, a ti lé iyọ̀ kúrò nílé wa." Mo ní kó fi ìkòkò hàn mí. Mágí kékeré mẹ́fà ló wà nínú ọbẹ̀ tí bàbá nìkan ń jẹ tán lọ́jọ́ méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gíráàmù 12 iyọ̀ ó kéré tán, tí a pín sí méjì, 6 lójúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, àní ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, a ò sì tíì ka búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ tí bàbá ń jẹ. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Mágí méjì péré la fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, a sì fi irú tí a ṣàn mọ́, àlùbọ́sà púpọ̀, ata ilẹ̀ àti táìmù dí àyè ìyókù.

Ó ti ra iyọ̀ kan tí wọ́n ń polówó fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru kí n tó dé ibẹ̀. Pọtásíọ̀mù ni wọ́n fi ń dípò sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, nínú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ṣe ewu ńlá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Mo ní kó gbé e lọ bá dókítà bàbá kó tó tú ìdérí rẹ̀. Ó tún bi mí nípa ajinomótò funfun, bóyá òun náà wà nínú ìṣirò. Ó wà níbẹ̀: sódíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti iyọ̀ tó bá a dọ́gba ní ìwọ̀n. Bí ó bá fẹ́ fi díẹ̀ sí i, kó yọ mágí kan kúrò nínú méjì yẹn.