Ímeèlì àkọ́kọ́ sí oníṣòwò tí a kò mọ ìdí òwò rẹ̀

Ká ní ẹnì kan wà ní Òkè-Ìlèwó, ní Abẹ́òkúta, tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ojú-ìwé ìtajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rí àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ó sì fẹ́ kọ̀wé sí i pé kó gbé iṣẹ́ fún òun. Wọn kò pàdé rí. Ohun tó mọ̀ nípa àdìrẹ kò ju pé wọ́n ń ta okùn mọ́ aṣọ tàbí kí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Kò mọ ẹni tó ń rà á, kò sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹni tó ń tà á lẹ́sẹ̀.

Ibí gan-an ni irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́, nítorí ẹni tó ń kọ ọ́ á máa ṣe bí ẹni tó mọ̀. “Ẹ ń pàdánù oníbàárà lójoojúmọ́” ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Létí ẹni tó ti ń taṣọ láti ogún ọdún, ńṣe ló dà bí àlejò tí kò tíì kí onílé tó ti ń sọ pé òrùlé ń jò.

Kó tó kọ ohunkóhun, ó yẹ kó fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú wo ohun tí oníṣòwò náà gbé síta, kó sì ya ohun tí ojú rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń rò. Ká ní ó wo àwòrán méjìlá tó gbẹ̀yìn lórí Instagiráàmù oníṣòwò náà. Lábẹ́ mẹ́jọ nínú wọn, ẹnì kan ti béèrè pé “Èló ni?”, èsì tó gbà sì ni pé kó kọ̀wé wá ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí ojú rí nìyẹn. Pé oníbàárà ń sá lọ nítorí rẹ̀, àròsọ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń ra ogójì aṣọ lọ tún tà àti ẹni tó ń ra ẹyọ kan kì í san iye kan náà, tí oníṣòwò kò sì fẹ́ kí wọ́n rí owó ara wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ iye owó síta fẹ́ ba òwò rẹ̀ jẹ́ ni. Nítorí náà, ohun tí a kò mọ̀ yìí gan-an ló yẹ ká fi ṣe ìbéèrè:

“Ẹ kú ọjà o. Òkè-Ìlèwó ni mo ń gbé, mo sì ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ojú-ìwé ìtajà. Mo wo àwòrán àdìrẹ méjìlá tí ẹ gbé síta gbẹ̀yìn. Lábẹ́ mẹ́jọ, àwọn èèyàn béèrè iye owó, ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé sí yín. N kò mọ òwò àdìrẹ dáadáa, ni mo fi ní kí n béèrè: ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi iye owó pamọ́ ni, àbí kò sí àyè láti máa kọ ọ́? Gbólóhùn kan ti tó.”

Ó parí síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Ìkíni yẹn tún yọni nínú wàhálà kan: “ẹ” kò bìkítà bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kí àkọlé jẹ́ “Ìbéèrè kan lórí iye owó àdìrẹ yín”, torí “Àǹfààní ńlá” ti di ohùn oníjìbìtì. Kò yẹ ká so fáìlì kankan mọ́ ọn, nítorí kò sẹ́ni tó yẹ kó ṣí fáìlì tí ẹni tí kò mọ̀ fi ránṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ̀ bóyá ìwé náà dára. Ká yọ àdìrẹ kúrò, ká fi ìrẹsì Láfẹ́nwá rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì dúró láìyí padà, a kò tíì kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá láìsí èsì, a lè tún kọ ìlà méjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ká sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí èsì bá wá pé “Àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀ ni kò jẹ́ ká kọ ọ́”, iṣẹ́ tí a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ti yí padà. Ojú-ìwé tí oníṣòwò yìí nílò ni èyí tó ń fi iye ẹyọ kan han gbogbo èèyàn, tó sì ń darí ẹni tó fẹ́ rà lọ́pọ̀ sórí Wọ́sáàpù. Ohun tí a máa fi kọ ímeèlì kejì nìyẹn.