Àwọ̀ Mẹ́ta Nínú Fọ́tò, Aró Kan Ṣoṣo

Kò sí ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí irú iṣẹ́ yìí máa jẹ́ tuntun sí. Oníbàárà kan ní òkè òkun ya fọ́tò ìró rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀pá márùn-ún irú èyí ni mo fẹ́ kún ti tẹ́lẹ̀. Aró dúdú, aró fẹ́ẹ́rẹ́, àti òwú funfun. Kóòdù àwọ̀ rẹ̀ nìyí." Kóòdù tó sì fi sí i ni `#303254`, tó fi fóònù mú jáde látinú fọ́tò náà.

Ó dà bí ẹni pé ó ti sọ gbogbo ohun tí aláró nílò. Bẹ́ẹ̀, òwú tó ń béèrè kò sí lára aṣọ náà, aró méjì tó kà jẹ́ aró kan náà, kóòdù yẹn sì ń sọ nípa iná yàrá rẹ̀ bó ṣe ń sọ nípa aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí òwú, torí òun ló máa ń ná èèyàn lówó jù. Bí aṣọ náà bá jẹ́ àdìrẹ alábẹ́rẹ́, aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ̀rù ni wọ́n ká, tí wọ́n sì rán, yálà lọ́wọ́ tàbí lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí òwú ti fún aṣọ pọ̀ kò jẹ́ kí aró ráyè wọlé. Nígbà tí aṣọ bá gbẹ tán, wọ́n á fi réésà já òwú yẹn kúrò pátá. Ìlà funfun tó kù jẹ́ ojú aṣọ tí aró ò dé. Àdìrẹ oníko náà ń gba ọ̀nà kan náà, àfi pé ìko ni wọ́n fi dì í, tí wọ́n á sì tú u lẹ́yìn aró. Nítorí náà, tí oníbàárà bá ní "òwú funfun", tí ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà tí kò mọ̀ nípa aró, ó lè gbé aṣọ aláró lásán fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ya òdòdó sára aṣọ pé kó rán ìlà funfun sí i. Mo ti rí irú ẹ̀. Ó rẹwà láyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ọmọdé pàápàá máa mọ̀ pé wọn ò bára wọn tan.

Fọ́tò lè ran èèyàn lọ́wọ́ níbí, tó bá ti mọ ohun tó yẹ kó wò. Ẹ fa fọ́tò náà tóbi títí ẹ ó fi rí híhun aṣọ. Tí ẹ bá rí i pé híhun náà ń bá a lọ gba inú ìlà funfun kọjá, tí etí ìlà náà ò gún dáadáa, tó ń yọ́ wọ inú aró díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ dídì tàbí rírán ni. Lára alábẹ́rẹ́, ẹ tún máa ń rí i pé àmì funfun ń dojú kọ ara wọn ní méjìméjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà kan, torí pé aṣọ ti wà ní kíká nígbà tí abẹ́rẹ́ gbà á kọjá. Òwú tòótọ́ ń gun orí aṣọ, ó sì ń ní òjìji tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹtù rú yín lójú. Aṣọ òfì ni ẹtù, òwú ni wọ́n pa láró kí wọ́n tó hun ún, ìlà funfun inú rẹ̀ sì jẹ́ òwú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà ẹtù kì í yà kúrò lójú ọ̀nà híhun. Ìlà tó bá tẹ̀ tàbí tó rí róbótó kò lè jẹ́ ti ẹtù.

Òwú kan ṣoṣo ló ń kù lára ọ̀pọ̀ ìró àdìrẹ: èyí tí wọ́n fi so apá méjì pọ̀. Ìró ẹlẹ́kọ àtijọ́, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya òdòdó sí, sábà máa ń jẹ́ apá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọ̀pá méjì ààbọ̀, tí wọ́n rán pọ̀ létí. Bí òwú yẹn bá jẹ́ òwú gidi, tó sì bá aṣọ wọ inú aró, á di aró. Bí ó bá jẹ́ pọlisítà, á yọ funfun tàbí kó fẹ́ẹ́ yí díẹ̀, torí aró kì í dì mọ́ pọlisítà. Ó dáa kí aláró mọ èyí tí ẹ fẹ́.

Ó wá kan aró fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn àyìnrín. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìkòkò méjì ni wọ́n ti mú aró méjì yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹlẹ́kọ. Wọ́n á se láfún ní ẹ̀kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára tẹ́ẹ̀rù, tàbí kí wọ́n gba ojú páànù tí wọ́n ti gé òdòdó sí lára fi í lé e. Ojú kan péré ni ẹ̀kọ máa ń wà. Nígbà tí wọ́n bá ri aṣọ náà sínú aró, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ààbò kankan, aró á sì gba ibẹ̀ jò wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń rì í léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó yẹ kó funfun á máa di àyìnrín. Ẹ̀kọ tó ṣàn jù máa ń mú kí àyìnrín pọ̀, èyí tó ki máa ń dá funfun sí. Aró kan náà ni, ìwọ̀n tó ráyè wọlé ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí oníbàárà ya fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ náà pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn bá ṣú ju iwájú lọ, tí òdòdó ò sì hàn níbẹ̀ dáadáa, ẹlẹ́kọ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Aláró tó rí ìyẹn mọ̀ pé ẹ̀kọ ni òun máa tún ṣe, òun ò sì ní wá aró kejì.

Kóòdù ló kù. Àwọn èèyàn gbà pé kámẹ́rà kì í parọ́, pàápàá tí nọ́ńbà bá ti jáde. Ẹ jẹ́ ká yẹ `#303254` wò. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á; lọ́nà tiwa, láti 0 dé 255, wọ́n jẹ́: pupa 48, àwọ̀ ewé 50, búlúù 84. Ká ní oníbàárà wa ti fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà kó tó ya fọ́tò, tí bébà yẹn sì jáde ní pupa 240, àwọ̀ ewé 222, búlúù 190. Bébà funfun yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà gílóòbù onípupa rúsúrúsú ló tàn sí i. Ká wá fi bébà yẹn tún aṣọ ṣe: 50 lọ́nà 240, ká pín in sí 222, ó di 54. Ká fi 84 lọ́nà 240, ká pín in sí 190, ó di 106. Kóòdù ti yí padà sí `#30366A`. Aṣọ kan náà, ọjọ́ kan náà, búlúù rẹ̀ ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i. Ìfojúdá lèyí náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí kóòdù àkọ́kọ́ ṣe jìnnà tó.

Aró tún ní ìwà kan tí bébà ò lè tún ṣe. Ó ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ṣùgbọ́n ó ń dá pupa tó jìn jù lọ padà. Lábẹ́ gílóòbù onírin àtijọ́, tí irú pupa bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, á dà bí ẹni pé aṣọ náà ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àlùkò yẹn á lọ. Aró mìíràn látinú páálí lè jọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó má jọ ọ́ mọ́ lábẹ́ gílóòbù. Tí wọ́n bá sì ti fi kùmọ̀ lu aṣọ títí tó fi ń dán, dídán yẹn á gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀run sí ojú kámẹ́rà, aró tó ki á sì jáde bí èyí tó fúyẹ́.

Àwọn kan á wá bi mí pé ṣé fọ́tò lè sọ fún wọn bóyá ewé ẹlú ni wọ́n fi ṣe é tàbí aró òyìnbó. Kò lè sọ. Èròjà kan náà tó ń mú ẹlú di búlúù ni wọ́n ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọ̀rọ̀ aró òyìnbó àti kọ́sítíkì sódà dá ìjà sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1936, nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì ta kò wọ́n, tí àwọn obìnrin aláró sì fárígá. Láti ìgbà yẹn wá, ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò ni ẹni tó pò ó.

Kí ló wá yẹ kí oníbàárà fi ránṣẹ́? Fọ́tò wúlò fún òdòdó àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ní ti bí aró ṣe ki tó, kó gé aṣọ náà díẹ̀, bí íńṣì méjì, níbi tí ìṣẹ́tí ká wọ inú, kó fi ránṣẹ́. Aláró á mú irú tẹ́ẹ̀rù kan náà, á gé e wẹ́wẹ́, á ri ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, ìrì kọ̀ọ̀kan tún ń mú kó ki sí i. Kó má fi wé tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, torí aṣọ tútù máa ń ṣú ju bó ṣe máa rí lọ. Kó ṣàn án, kó sá a gbẹ, kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lábẹ́ gílóòbù. Èyí tó bá bá a mu ní ibi méjèèjì ni kó lò.

Inú ìṣẹ́tí sì yàtọ̀ sí ojú aṣọ tí oòrùn àti ọṣẹ ti bá jà. Kí oníbàárà sọ èyí tó fẹ́ kí aṣọ tuntun bá mu. Bó bá jẹ́ ojú tó ti ṣí, aláró lè dín ìrì kù. Bó bá jẹ́ ti inú ìṣẹ́tí, aṣọ tuntun máa ṣú ju ti àtijọ́ lọ tí wọ́n bá jọ wọ̀ wọ́n síta, kò sì sẹ́ni tó lè tún ìró àtijọ́ rì kó lè bá a mu, torí pé òdòdó funfun rẹ̀ á wọ inú aró pẹ̀lú.