Túúlu àti àlòjù oògùn ẹ̀fọ́rí

Túúlu ni ẹ̀fọ́rí tó máa ń mú apá kan orí, tó ń lù kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù, tó máa ń lọ tó sì ń padà wá. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 sí 72. Ìrìn máa ń mú un le sí i, èébì máa ń gbé ẹni tó ń ṣe, kò sì ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ tàbí gbọ́ ariwo.

Ojú ló máa ń kọ́kọ́ fi han àwọn kan. Ìlà págunpàgun kan á máa tàn yinrinyinrin, á sì máa fẹ̀ títí yóò fi bo apá kan ohun tí wọ́n ń wò. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 60, á lọ. Bí wọ́n bá di ojú kan, wọ́n á ṣì rí i, nítorí ọpọlọ ló ti ń wá, kì í ṣe ẹyinjú. Awò ojú kò lè wò ó.

Ebi, àìsùn, òòrùn gbígbóná àti nǹkan oṣù wà lára ohun tó máa ń fà á. Yàrá tó ṣókùnkùn àti oorun máa ń ràn án lọ́wọ́. Kété tí orí bá bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí àgbàlagbà lo parasítámọ̀lù hóró 2 (mílígíráàmù 500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan), kó má kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Bí ó bá pẹ́ jù, inú kì í da oògùn dáadáa mọ́. Àmọ́ ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tó bá ibà àti ọrùn líle rìn, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́gán.

Oògùn ẹ̀fọ́rí kan náà, bí a bá lò ó lálòjù, lè sọ túúlu di ojoojúmọ́. Ká mú aláró kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí túúlu ń mú lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Kí ọjà má baà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn ẹlẹ́bu inú ọ̀rá kan sẹ́nu láràárọ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, orí ti ń fọ́ ọ kó tó jí. Ọ̀rá kan lóòjọ́ kò jọ àlòjù lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ là ń kà, a kì í ka iye oògùn. Ẹ̀bu náà pa ásípírìn pọ̀ mọ́ kaféènì, èròjà tó wà nínú obì. Irú oògùn alápòpọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá lò ó ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù fún oṣù mẹ́ta, ó lè fa ẹ̀fọ́rí tirẹ̀. Ọjọ́ 15 ni ti parasítámọ̀lù lásán.

Dídá oògùn náà dúró ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí náà á kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ 2 sí 10, pẹ̀lú èébì àti àìsùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sídìí ọ̀rá. Ó dára kí aláró náà yan ọ̀sẹ̀ tí kò sí àdéhùn aṣọ. Bí kódíìnì tàbí tíramádọ́ọ̀lù bá wà nínú ohun tó ń lò, dókítà ló gbọ́dọ̀ máa bá a dín in kù. Dókítà tún lè fún un ní oògùn ìdènà bíi puropuránólọ́ọ̀lù, èyí tí oníkọ́-fée kò gbọ́dọ̀ lò. Láàárín oṣù méjì, túúlu sábà máa ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí aláró náà máa sàmì sí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tó bá lo oògùn, kó má sì ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀.