Ìdí tí ẹ́síténdà Wáífáì fi ń já ṣáá

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù nídìí ẹ́síténdà, ẹ̀rọ tó ń gba Wáífáì ráútà tó sì ń tún un tàn dé ọ̀nà jíjìn, ni pé báà á kún lórí fóònù, síbẹ̀ mẹ́séèjì ò ní lọ. Ìsopọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, fóònù sí ẹ́síténdà, ẹ́síténdà sí ráútà. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni báà yẹn ń sọ, bẹ́ẹ̀ ìkejì gan-an ló sábà máa ń já.

Ẹ jẹ́ ká mú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìbàdàn, ráútà wà ní páálọ̀, yàrá ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan gbà torí ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló wà láàárín. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ ki ẹ́síténdà bọ̀ ni yàrá ẹ̀yìn yẹn, àṣìṣe ńlá sì ni, torí ohun tí ẹ́síténdà ò gbọ́ kò lè tún un sọ. Tí ẹ bá fi áàpù tó ń wọn Wáífáì wò ó níbẹ̀, lórí orúkọ ráútà fúnra ẹ̀ o, agbára sígínà ẹ̀ lè jẹ́ -82 dBm. Bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló dáa tó, ẹ wá ibi tí kò burú ju -70 lọ. Nínú ilé yìí kọ́rídọ̀ ni, -63, ògiri kan péré. Ẹ má fi sẹ́yìn fíríìjì ṣá.

Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń já, ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wáífáì ń gbà lórí afẹ́fẹ́, ni kẹ́ ẹ fura sí. Ṣánẹ́ẹ̀lì tí ráútà bá wà ni ẹ́síténdà náà gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti dé láti ibi iṣẹ́ tí Wáífáì wọn ń dí ara wọn lọ́wọ́, ráútà tó wà lórí `Auto` lè dédé fò lọ sórí ṣánẹ́ẹ̀lì míì, ẹ́síténdà á wá máa wá a kiri, kó tó rí i íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ yọ ráútà kúrò ní `Auto`, kẹ́ ẹ yan 1, 6 tàbí 11 lórí 2.4 GHz, torí àwọn mẹ́ta yìí ò gun ara wọn, èyí tí èrò ò pọ̀ jù lórí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Ìṣòro fámúwia, ìyẹn sọ́fítíwíà inú ẹ́síténdà, ní tiẹ̀ kì í wo àsìkò. Ẹ́síténdà á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, lẹ́yìn náà á kàn gan, iná ẹ̀ á ṣì máa tàn, àfi tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé fámúwia tuntun sórí ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀dà ẹ̀rọ náà, `V1` tàbí `V2` tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ẹ̀, torí ti ìkan lè pa ìkejì. Kébù ni kẹ́ ẹ lò tó bá ní ojú ẹ̀, kó sì wà lórí ínfátà, tí iná bá lọ láàárín ẹ̀ ó lè má jí mọ́. Tó bá parí, ẹ tẹ `Reset`, kẹ́ ẹ tún un sẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀.