Kíríátíìnì: Ṣé Dandan Ni Kéèyàn Ṣe Lódìn?

Kíríátíìnì ni ìyẹ̀fun tí àwọn tó ń gbé irin máa ń lò kí iṣan wọn lè ní agbára sí i. Lára ọ̀pọ̀ agolo rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa lo gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, kó tó wá dín in kù sí gíráàmù 3 tàbí 5. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí ni àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù ń pè ní lódìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tí kò bá ṣe lódìn kàn ń fi owó ṣòfò ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo gíráàmù 3 péré lójúmọ́, tí kò ṣe lódìn rárá, kíríátíìnì inú iṣan rẹ̀ yóò dé ibi kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò gbà á, níbi tí ẹni tó ṣe lódìn ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan.

Kí èyí tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ibi tí kíríátíìnì ń lọ. Kì í ṣe àjèjì sí ara. Inú ẹran ni Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti rí i ní 1832, ẹran àti ẹja tí à ń jẹ ló sì ń gbé e wọ inú wa títí dòní. Ara fúnra rẹ̀ tún ń ṣe díẹ̀, nípasẹ̀ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Bí a bá pín gbogbo èyí tó wà lára èèyàn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bíi 95 ló wà nínú iṣan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti so mọ́ fọ́sífétì níbẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí iṣan bá nílò agbára lójijì, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gbé irin tó wúwo gan-an tàbí tó fẹ́ sá eré kúkurú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti fi fọ́sífétì yẹn sọ agbára tó ń tán lọ dọ̀tun.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó wọn kílò 70. Kíríátíìnì inú ara rẹ̀ yóò tó gíráàmù 120. Lójoojúmọ́, bíi gíráàmù 2 nínú rẹ̀ á yí padà fúnra rẹ̀, á di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní kíríátínínì, kíndìnrín á sì da ìyẹn sínú ìtọ̀. Iṣan jọ àmù amọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àmù a máa làágùn. Bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ bu omi inú rẹ̀ mu, yóò máa dín díẹ̀díẹ̀. Ẹran àti ẹja tí ọkùnrin yìí ń jẹ ń dá bíi gíráàmù 1 padà, ara rẹ̀ sì ń ṣe bíi gíráàmù 1 yòókù. Nítorí náà, omi àmù kò lọ sókè, kò sì lọ sílẹ̀.

Àmọ́ àmù yẹn kò kún dé ẹnu. Ààyè ṣì wà nínú iṣan ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì máa ń pọ̀ jù lára àwọn tí kì í jẹ ẹran àti ẹja. Ààyè yìí nìkan ni kíríátíìnì inú agolo wá dí. Tó bá ti kún, kò sí iye tí èèyàn lè lò tí yóò mú kó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lódìn kì í fẹ àmù, ó kàn ń yára bu omi sí i ni.

Ní 1992, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Roger Harris, Karin Söderlund àti Eric Hultman gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní gíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran iṣan itan wọn díẹ̀ láti wò ó, wọ́n sì tún wọn ohun tó jáde nínú ìtọ̀. Kíríátíìnì inú iṣan pọ̀ sí i lóòótọ́. Àwọn tí tiwọn kéré tẹ́lẹ̀ ló jèrè jù. Wọ́n tún jẹ́ kí àwọn kan fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ náà sì gba kíríátíìnì ju èyí tó sinmi lọ.

Ohun tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ronú nípa lódìn fọkàn sí. Lára àwọn tí wọ́n wọn ìtọ̀ wọn, bí ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí wọ́n lò ló jáde lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ohun tó ń jáde ti tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdí ni pé kíríátíìnì kì í ṣàdédé wọnú iṣan. Ẹnu ọ̀nà kan pàtó wà lára iṣan tó ń gbà á wọlé pa pọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, ẹnu ọ̀nà yìí kò sì lè gbà kọjá agbára rẹ̀. Bí inú iṣan bá ṣe ń kún sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń wọlé ń dín kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á kó o dànù bó ṣe wà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1996, Hultman àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn. Àwọn kan lo gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn mìíràn lo gíráàmù 3 lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Kíríátíìnì inú iṣan àwọn méjèèjì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn tó lo 20 yára débẹ̀, àwọn tó lo 3 pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù fi máa parí, ìyàtọ̀ kò sí mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ọkùnrin oníkílò 70 wa. Ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù 120 jẹ́ 24. Gíráàmù 24 péré ni iṣan rẹ̀ ń wá. Ẹni tó lo 20 fún ọjọ́ mẹ́fà ti mu gíráàmù 120 kó tó rí 24 yẹn. Ẹni tó lo 3 fún ọjọ́ 28 mu 84. Lójú ẹni tó lọ díẹ̀díẹ̀, ó tó kí bíi gíráàmù 1 ó dúró lójúmọ́, nítorí 24 tí a pín sí ọjọ́ 28 kò pé ọ̀kan. Lára 3 tó ń mu, díẹ̀ ń rọ́pò ohun tó ń làágùn jáde, nítorí pé tí kíríátíìnì bá ń wọlé láti ìta, ara a máa dín èyí tó ń ṣe fúnra rẹ̀ kù. Díẹ̀ ń bá ìtọ̀ lọ. Èyí tó kù ń wọ iṣan. Gíráàmù tí kò pé ọ̀kan lóòjọ́ kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ oṣù kan a sọ ọ́ di 24.

Agolo oní-gíráàmù 300 tún jẹ́ kó hàn dáadáa. Ẹni tó ń lo 3 lójúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò lò ó fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe lódìn ọjọ́ mẹ́fà ti lo 120 kúrò, 180 ló kù, ìyẹn yóò sì gbé e fún 60 ọjọ́ tó bá ń lo 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 66. Ọjọ́ 34 ló fi ra ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ṣíwájú. Ní ojú tèmi, owó yẹn pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ lo kíríátíìnì fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ó ní ẹni tí lódìn wúlò fún ṣá o. Bí eléré ìdárayá bá ní ìdíje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó sì ti lo kíríátíìnì rí tí ikùn rẹ̀ gbà á, kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí yóò fi dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pín 20 náà sí mẹ́rin, gíráàmù 5 lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú oúnjẹ. Oúnjẹ bí ìrẹsì tàbí iṣu a máa mú kí ínsúlíìnì jáde, ínsúlíìnì sì ń ran kíríátíìnì lọ́wọ́ láti wọnú iṣan. Ẹni tó bá da gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mu lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kí inú máa run ún tàbí kó máa yàgbẹ́ gbuuru. Èyí tí ìfun kò gbà ló ń fa omi mọ́ra níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé kíríátíìnì kò bá ara òun mu, lódìn ni kò bá ara wọn mu.

Ìwúwo ara náà máa ń tan èèyàn jẹ. Kíríátíìnì tó wọ iṣan ń fa omi tẹ̀ lé ara rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ṣe lódìn lè fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹran ti hù sí i lára, bẹ́ẹ̀ omi ni. Ara ẹni tó ń lo 3 yóò gba omi náà, àmọ́ ó ń wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ débi pé òṣùwọ̀n lè má fi hàn. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń ṣìnà nìyẹn: lọ́jọ́ kẹwàá, kò rí ìyàtọ̀ kankan, ó sì pa á tì. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin ló tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye ìgbà tó lè gbé irin kan náà kó tó rẹ̀ ẹ́.

Kí ó má sì wá jẹ́ pé iye tí èèyàn ń lò kéré jù. Bí a ti rí i, gíráàmù 2 ni ara oníkílò 70 ń pàdánù lójúmọ́. Gíráàmù 1 lè má kún àmù láéláé. Gíráàmù 2 tó láti mú èyí tó ti kún dúró, 3 ló ń kún un, ẹni tó bá sì wọn kílò 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo 5. Ṣíbí kékeré tí wọ́n fi sínú agolo kì í dọ́gba láti ọ̀dọ̀ onílé-iṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí náà kí èèyàn wo iye gíráàmù tí wọ́n kọ pé ó ń gbà, kó má kàn máa ka ṣíbí.

Ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kan kò ní ìdí láti ṣe ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì, kò sì ní ìdí láti tún lódìn ṣe. Kí ó kàn máa bá a lọ. Àwọn tí Hultman wò lẹ́yìn tí wọ́n ti dáwọ́ dúró, bí oṣù kan gbáko ni kíríátíìnì inú iṣan wọn fi ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan kì í sọ àmù di òfo.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Kíríátínínì, ohun tí kíríátíìnì ń dì, ni àwọn dókítà ń wọ̀n láti fi mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Bí iṣan bá kún, kíríátínínì inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè díẹ̀ láìsí pé kíndìnrín ní ìṣòro kankan, pàápàá tí èèyàn bá wà láàárín lódìn. Kí ó sọ fún dókítà pé òun ń lo kíríátíìnì àti iye tó ń lò, kí wọ́n má baà ka àpẹẹrẹ yẹn sí àìsàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀, dókítà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi kó tó ṣí agolo kankan, yálà pẹ̀lú lódìn tàbí láìsí i.