Ìṣirò tó wà nínú lẹ́tà ẹni tó fẹ́ bá ilé ẹ̀kọ́ polówó fún ìgbà àkọ́kọ́

Lẹ́tà tí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ìpolówó ṣe máa ń kọ sí onílé-ẹ̀kọ́ kì í gùn. Ìkíni, orúkọ, àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn: ẹnikẹ́ni lè kọ ìwọ̀nyẹn. Ìpínrọ̀ owó ni lẹ́tà ọ̀hún dúró lé. Ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kò tíì sanwó ìpolówó lórí Facebook rí. Báńà ẹnu géètì ló mọ̀, àti ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ìsìn, àti ìyá tó sọ fún ìyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù ni ìlérí iye èèyàn tí yóò rí ìpolówó. "Mà, ìpolówó yín á dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn." Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kò wúlò. Èèyàn tó rí àwòrán kan tó sì fi ìka gbá a kọjá wà nínú ẹgbẹ̀rún yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ. Ìkejì rẹ̀ burú jù ú lọ: "Màá kó ọgbọ̀n ọmọ wá fún yín." Ẹni tó ń polówó kọ́ ló ń gba òbí lálejò, òun kọ́ ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ, òun kọ́ ló sì dá iye lé owó ilé ẹ̀kọ́. Kò sí bó ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà tó dáa máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹ̀yìn ni, bí alásè ṣe ń ṣe é. Alásè kì í dá iye lé oúnjẹ òde láìbéèrè iye àlejò. Láti orí àlejò ló ti ń padà bọ̀ sórí kọ́ńgò ìrẹsì, kó tó wá kan tòmátì, ẹran àti gáàsì. Ó lè ṣèlérí pé ìrẹsì ò ní jóná, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣèlérí pé ilé á kún, torí òun kọ́ ló pe àwọn àlejò.

Ká mú ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Òjòó, n'Íbàdàn, tó ń gba ₦90,000 ní tẹ́ẹ̀mù kan. Ogún àyè ló ṣófo ní nọ́sìrì àti praímárì kìíní. Ọmọ kan á san ₦270,000 ní tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ká ní onílé-ẹ̀kọ́ gbà pé òun lè ná ₦15,000 kí ọmọ kan tó wọlé. Gbogbo owó tó wà fún ogún ọmọ di ₦300,000. Owó iṣẹ́ ẹni tó ń bá a polówó, ká ní ₦60,000, inú rẹ̀ ló ti ń jáde, kì í ṣe pé wọ́n tún máa fi lé e. Ó ku ₦240,000 fún ìpolówó gan-an.

Ìwé àlejò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló kàn. Ìwé tí kò sẹ́ni tó kà sí yìí ni ohun èlò tó dára jù tí ilé ẹ̀kọ́ ní. Tó bá fi hàn pé nínú òbí mẹ́ta tó wá wo ilé ẹ̀kọ́ ní sẹ́ṣọ̀n tó kọjá, ẹnì kan ló fi ọmọ sílẹ̀, a jẹ́ pé ogún ọmọ nílò ọgọ́ta àbẹ̀wò. Èyí tí ìwé náà kò lè sọ ni iye òbí tó máa ti inú ìpolówó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ lórí WhatsApp kí ẹnì kan tó dìde wá, torí ilé ẹ̀kọ́ náà kò ṣe é rí. Ibẹ̀ ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti sọ gbangba pé àbá ni: ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan nínú mẹ́wàá ṣe é. Ọgọ́ta àbẹ̀wò wá di ẹgbẹ̀ta òbí tó kọ̀wé.

Tí a bá yọ owó-orí ọjà 7.5% tí Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, ń fi kún owó ìpolówó ní Nàìjíríà, ohun tí a lè san lórí òbí kan tó kọ̀wé kò ju nǹkan bíi ₦370 lọ. Iye yìí ni ọkàn lẹ́tà náà. Tí òbí kan bá ń náni ₦700, ìṣirò ti fọ́, onílé-ẹ̀kọ́ sì lè fojú ara rẹ̀ rí i láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò yẹ kí wọ́n kó ₦240,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì ló tọ́ kí lẹ́tà béèrè fún: ọgọ́rùn-ún òbí, ₦37,000, pẹ̀lú owó-orí ó di ₦39,775. Ìdí tó fi jẹ́ ọgọ́rùn-ún wà nínú bí ẹ̀rọ Meta ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ó ń fẹ́ nǹkan bí àádọ́ta èsì láàárín ọjọ́ méje lórí ọ̀wọ́ ìpolówó kan kó tó mọ irú ẹni tó yẹ kó máa fi í hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá pín owó kékeré yìí sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún nọ́sìrì, ọ̀kan fún praímárì, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ ìsinmi, á rí i pé kò séyìí tó dé àádọ́ta. "Learning limited" á hàn sórí rẹ̀, owó á sì máa lọ láìsí pé ẹ̀rọ rí nǹkan kọ́. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, owó kan ṣoṣo, ló bọ́gbọ́n mu fún ìgbà àkọ́kọ́.

Òjòó fúnra rẹ̀ ní ìṣòro kan tí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń dárúkọ. Oríta ọkọ̀ ni. Meta ń ka ẹni tó ń gbé ládùúgbò àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ pọ̀, kò sì sí bọ́tìnì tá a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá fi ààrin àyíká tí ìpolówó máa dé sórí oríta náà, ẹni tó ń wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ á máa jẹ nínú owó. Ó sàn kí wọ́n fi í sí ibi tí àwọn òbí ń sùn: Àjíbọ́dẹ, Ọ̀rọ̀gùn, Sáṣá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí WhatsApp ló yẹ ní kíkà ju àtẹ èsì lọ. Tí òbí bá ń béèrè "Eélòó ni?" tí wọ́n gbọ́ iye owó tí wọn ò sì dáhùn mọ́, ìpolówó ń pe ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a, kí wọ́n kọ owó tẹ́ẹ̀mù sínú ìpolówó gan-an. Òbí tó ń kọ̀wé á dín kù, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń náni á sì ga sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá wo ilé ẹ̀kọ́ á pọ̀ sí i nínú wọn, èyí ló sì yẹ kí wọ́n tún ìṣirò ṣe lé. Tó bá jẹ́ pé òbí kọ̀wé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ dá a lóhùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìpolówó kò ṣẹ̀. Alásè ti sè, kò sẹ́ni tó bu oúnjẹ fún àlejò. Lẹ́tà tó dáa máa ń béèrè orúkọ ẹni tí fóònù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ di alẹ́ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ dá lórí ẹni tó ni àkáǹtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń fi àkáǹtì ara wọn polówó fún oníbàárà, wọ́n á ní kó san gbogbo owó sọ́wọ́ àwọn. Oníbàárà kò ní mọ iye tó dé ọ̀dọ̀ Meta, bí wọ́n bá sì pínyà, gbogbo ohun tí àkáǹtì ti kọ́ á bá ẹni náà lọ. Ìlànà yẹn kò dáa, ì báà jẹ́ olóòótọ́ ló ń ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó ṣí àkáǹtì, kó fi káàdì báńkì tirẹ̀ sí i, kó wá fún ẹni tó gbà síṣẹ́ láyè láti wọlé ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pínyà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹgbẹ̀ta òbí tó kọ̀wé á sì ṣì wà lórí fóònù ilé ẹ̀kọ́.